Ìpàdé ọ̀la kò ní wáyé mọ́: bí ọ́fíìsì akitẹ́kì kan ṣe yẹ àdéhùn láì pàdánù oníbàárà

Ọ́fíìsì akitẹ́kì kan ní Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ní òpin oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024. Wọ́n gbà kí n kọ ọ́ bí n kò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo sì ti yí àwọn nǹkan kéékèèké kan padà kí ẹnì kankan má baà dá àwọn oníbàárà náà mọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kọ́ àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì bí a ṣe ń bá oníbàárà lò. Mo jókòó ti ọ̀gá ọ́fíìsì náà àti akọ̀wé rẹ̀, mo ka gbogbo ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe tẹ̀ léra.

Ọmọ ìyá mẹ́ta ni àwọn oníbàárà náà. Bàbá tó bí wọn fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún wọn n'Íbàdàn, wọ́n sì fẹ́ kọ́ ilé sí i, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, fúláàtì lókè. Ẹ̀gbọ́n pátápátá, tí n ó máa pè ní Bàbá, ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Pírínsípà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n sì ń gbé. Èyí tó tẹ̀ lé wọn jẹ́ obìnrin oníṣòwò l'Ékòó. Àbíkẹ́yìn jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ alẹ́ ló sì máa ń ṣe. Ó pẹ́ kí ọ́fíìsì tó rí ọjọ́ tó bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu. Nígbà tí wọ́n rí i, ó bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 24 oṣù náà, aago mẹ́wàá àárọ̀, ní ọ́fíìsì. Bàbá àti àbúrò wọn tó wà l'Ékòó yóò wá fúnra wọn, nọ́ọ̀sì yóò sì dara pọ̀ lórí Súùmù lẹ́yìn tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ohun tí ìpàdé náà wà fún ni pé kí wọ́n wo àwòrán ìkẹyìn, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì san owó àkọ́kọ́, kí ìpìlẹ̀ lè di gbígbẹ́ ní kété tí òjò bá dáwọ́ dúró.

Nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n ṣì ń retí, ìyẹn àbájáde àyẹ̀wò ilẹ̀. Ó yẹ kó ti wọlé ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ṣùgbọ́n òjò ọjọ́ méjì kún inú àwọn kòtò tí injiníà gbẹ́, wọ́n sì ní láti gbọ́n omi rẹ̀ kí wọ́n tó lè mú erùpẹ̀. Ọ̀sán Ọjọ́rú ló wá dé, nígbà tí aago mẹ́rin kù díẹ̀. Igun mẹ́ta ilẹ̀ náà dára, ilẹ̀ pupa tó le ni. Igun kẹrin, èyí tó rọra sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà odò kékeré kan, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ ibẹ̀ kọjá mítà kan díẹ̀ ni wọ́n kan amọ̀ eléérú tó rọ̀, omi sì ń ṣun nínú rẹ̀.

Ìpìlẹ̀ tó wà nínú àwòrán ni èyí tí àwọn kọ́lékọ́lé ń pè ní páàdì, tí òpó kọ̀ọ̀kan ń dúró lórí ẹsẹ̀ kọ́ńkéré tirẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó le káàkiri, kò sí ewu. Níbi tí igun kan ti rọ̀, ẹsẹ̀ tó wà lórí amọ̀ yóò rì ju àwọn tó kù lọ, ogiri yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í là láti igun fèrèsé lọ sókè. Injiníà sọ ọ́ láì fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: bóyá kí wọ́n lo ráàfútì, kọ́ńkéré pẹlẹbẹ kan ṣoṣo tó gba gbogbo abẹ́ ilé, bóyá kí wọ́n fa ilé náà sẹ́yìn kúrò ní igun yẹn. Ó nílò ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta láti ṣírò rẹ̀, kí ẹni tó ń ṣe ìṣirò owó ilé tó lè mọ iye tí yóò lé sí i.

Ibí ni ìbéèrè àkọ́kọ́ ti dìde: ṣé kí wọ́n yẹ ìpàdé náà ni, àbí kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀? Ọ̀gá náà fẹ́ ṣe é. Ó ní àwọn ènìyàn ti múra, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá, ká sọ fún wọn lójúkojú. Akọ̀wé ló bi í pé, "Mà, bí wọ́n bá bi wá pé èló ni yóò lé, kí la máa sọ?" Kò sí ẹni tó lè dáhùn. Ìdílé tí ọmọ ìyá mẹ́ta ti ń dáwó pọ̀ ni wọ́n, iyekíye tí ọ́fíìsì bá méfò lọ́jọ́ náà ni wọn yóò máa fi di ọ́fíìsì mú títí ilé yóò fi parí. Wọn kò sì ní lè fọwọ́ sí ohunkóhun, torí àwòrán tó wà lórí tábìlì kì í ṣe èyí tí wọn yóò fi kọ́lé.

Mo fara mọ́ ọn pé kí wọ́n yẹ ìpàdé náà, ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi fara mọ́ ọn ni pé ìfọwọ́síwèé ni olórí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ká ní ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n fẹ́ jọ sọ ni, ǹ bá ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ènìyàn náà wá, kí wọ́n sì fi wákàtí kan ṣàlàyé ilẹ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló máa ń yẹ ìpàdé torí pé ara wọn kò gbà á láti fi ọwọ́ òfo pàdé oníbàárà. Ìyẹn kì í ṣe ìdí tó tó.

Nígbà tí wọ́n fẹnu kò tán, aago mẹ́rin ààbọ̀ ti lù. Ọ̀gá sọ fún akọ̀wé pé, "Bá wa yọ ìpàdé ọ̀la kúrò, mo ń pe Bàbá." Ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí akọ̀wé yọ ọ́ kúrò nínú ètò ọjọ́ ọ́fíìsì. Akọ̀wé ṣí Google Calendar, ó pa ìpàdé náà rẹ́. Nígbà tí ẹ̀rọ bi í bóyá kó fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n pè, ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, torí ó rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọ̀gá ní tirẹ̀ ń pe fóònù Bàbá, kò sí ẹni tó gbé e. Ọjọ́rú ni, Bàbá ti lọ sí ìpàdé àdúrà, wọ́n sì fi fóònù sílé.

Nọ́ọ̀sì tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́kọ́ rí ímeèlì náà. Ó ń múra iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún, àkòrí ímeèlì náà sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Canceled event". Kò sí àlàyé kankan lábẹ́ rẹ̀, kò sí ọjọ́ mìíràn. Ó gbé e sí orí Wáàsáàpù ìdílé: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, àwọn akitẹ́kì ti fagi lé ìpàdé ọ̀la o. Ṣé kò sí nǹkan? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ sá?" Bí Bàbá ṣe wọlé láti ibi àdúrà, tí wọ́n mú fóònù, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n kọ́kọ́ kà. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti wá rí i pé akitẹ́kì ti pè wọ́n nígbà mẹ́rin.

Gbogbo ìbínú tó tẹ̀ lé e, ibí yìí ló ti wá. Kì í ṣe pé ìpàdé kò ní wáyé ló dun Bàbá jù. Àwọn ni olórí ẹbí, àwọn ló ń bá ọ́fíìsì náà sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ló sì fi àwọn àbúrò lọ́kàn balẹ̀ pé àwọn ènìyàn náà ṣeé gbára lé. Wọ́n wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn lẹ́nu àbíkẹ́yìn, láti Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí wọ́n padà pe ọ̀gá náà lẹ́yìn aago mẹ́fà, wọn kò dúró kí ó kí wọn tán.

"Akitẹ́kì, ṣé ẹ kò ní nọ́ńbà mi ni?"

Ọ̀gá náà sọ fún mi pé àlàyé ti wà lẹ́nu òun: pé òun ti pè nígbà mẹ́rin, pé ẹ̀rọ ló fi ímeèlì lọ, pé àṣìṣe akọ̀wé ni. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò sọ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ má bínú sà. Ẹnu mi ló yẹ kí ẹ ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu àbúrò yín." Lẹ́yìn ìyẹn ó dákẹ́. Bàbá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Inú ọ̀rọ̀ náà ni ohun tí ọ́fíìsì kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ti jáde: Bàbá ní àyẹ̀wò ojú ní ilé ìwòsàn ní Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an, wọ́n sì ti sún un síwájú nítorí ìpàdé. Wọ́n ti sọ fún awakọ̀ kó dé ní aago mẹ́fà àárọ̀. Wọ́n ti ní kí ìyàwó wọn má retí àwọn fún oúnjẹ ọ̀sán.

Ká ní àlàyé ni ọ̀gá náà kó sílẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ojú yẹn kò ní jáde, ọjọ́ tuntun tí wọn yóò sì yàn lè tún kọlu ilé ìwòsàn. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí Bàbá sọ̀rọ̀ tán kò jẹ mọ́ ilé rárá. Ó ní, "Sà, ọjọ́ wo ni wọ́n sún àyẹ̀wò yẹn sí? Ṣé wọ́n lè ṣì rí yín lọ́la báyìí?" Bàbá ní àwọn yóò pè wọ́n láàárọ̀. Ohùn wọn ti rẹlẹ̀ díẹ̀ nígbà yẹn. Ìgbà náà ló tó sọ ìdí: àbájáde àyẹ̀wò ilẹ̀ wọlé lọ́sàn-án, igun kan rọ̀, ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà, òun kò sì lè jẹ́ kí Bàbá fọwọ́ sí àwòrán tí òun mọ̀ pé kò ní dúró bẹ́ẹ̀.

Ó fẹ́ fún wọn ní owó awakọ̀. Bàbá dá a dúró: "Owó awakọ̀ kọ́ là ń wí." Ọ̀rọ̀ yìí tọ́ kí á dúró lé lórí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń sáré lọ. Owó tí a nà jáde lójijì fún àgbàlagbà tí inú ń bí lè dà bí ìgbà tí a ń ra ẹnu rẹ̀ pa. Ohun tí ọ̀gá náà wá fi rọ́pò rẹ̀ ni pé, "Nígbà náà, ẹ má rin ìrìn kankan mọ́ sà. Àwa la máa wá bá yín ní Ìjẹ̀bú-Òde." Ó gba ìnira ìrìn àjò náà sí ọrùn ara rẹ̀: ọ̀nà Ìdí-Ayùnrẹ́ àti Mámù, àwòrán ńláńlá nínú bọ́ọ̀tù mọ́tò, injiníà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan láti inú àkókò ọ́fíìsì. Bàbá kò dúpẹ́. Wọ́n kàn ní, "Ó dáa. Ọjọ́ wo?"

Nípa ọjọ́ náà, ó ń ṣe ọ̀gá bíi kó sọ pé Ọjọ́ Ajé, kó lè yá. Injiníà ti sọ pé ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta ni òun nílò. Ọjọ́bọ̀, Ọjọ́ Ẹtì àti Ọjọ́ Ajé nìyẹn, bí iná kò bá lọ, bí kọ̀ǹpútà kò bá sì dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ó bá sọ pé Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 29. Ó tún fi Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 31, sílẹ̀ bí àwọn àbúrò kò bá ráyè ní Ìṣẹ́gun. Oníbàárà lè gbójú fo yíyẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ìpàdé kan náà bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò sí àlàyé ilẹ̀ tàbí omi tí yóò wọ etí ẹnikẹ́ni mọ́. Nítorí náà, ọjọ́ tó dá wa lójú ló ṣeé dá, kódà bó bá jìn ju bí ọkàn oníbàárà ṣe fẹ́ lọ.

Lẹ́yìn fóònù ni ọ̀rọ̀ àtẹ̀ránṣẹ́ tó kàn. Akọ̀wé ti kọ ọ̀kan sílẹ̀ láti aago márùn-ún, ó sì ṣì wà nínú fóònù rẹ̀ nígbà tí mo lọ síbẹ̀:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà/mà. A fi àsìkò yìí sọ fún yín pé a ti sún ìpàdé ọ̀la síwájú nítorí àwọn ìdí kan tó kọjá agbára wa. A ó fi ọjọ́ tuntun tó yín létí láìpẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á fún wa."

Kò sí ọ̀rọ̀ àìbọ̀wọ̀ kan níbẹ̀, àmọ́ kò sí ohun tí ẹni tó kà á lè dì mú. "Ìdí tó kọjá agbára wa" ń pe ẹni tó ń kà á pé kó wá ìdí tirẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ti wá ọ̀kan tẹ́lẹ̀: pé wọ́n fẹ́ sá. "Láìpẹ́" kì í ṣe ọjọ́. Èyí tí ọ̀gá fi ránṣẹ́ sí ìdílé náà nígbà tí aago méje ń lọ lù nìyí:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹbí wa. Bí mo ṣe bá Bàbá sọ ọ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, ìpàdé aago mẹ́wàá ọ̀la, Ọjọ́bọ̀ 24, kò ní wáyé mọ́. Àbájáde àyẹ̀wò ilẹ̀ wọlé lọ́sàn-án òní. Igun kan rọ̀ ju ìyókù lọ, ìpìlẹ̀ tó wà nínú àwòrán gbọ́dọ̀ yí padà, a kò sì fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí ohun tí a mọ̀ pé yóò yí. Ilẹ̀ náà ṣeé kọ́lé sí. Bàbá ti gbà kí a pàdé ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun 29, àwa la ó sì wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Bí Ìṣẹ́gun kò bá rọrùn fún ẹ̀yin yòókù, Ọjọ́bọ̀ 31 wà nílẹ̀. Ímeèlì tó dé ṣáájú ìpè wa dùn wá, ẹ má bínú. Ta ló ti gbéra tàbí tó ti ná owó nítorí ọ̀la? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ lálẹ́ yìí."

Injiníà ló ní kí wọ́n fi "Ilẹ̀ náà ṣeé kọ́lé sí" sí i. Ó ti rí i rí pé bí ènìyàn bá gbọ́ pé ilẹ̀ òun rọ̀, ohun tó máa ń gbọ́ ni pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Gbólóhùn kúkúrú yẹn ló dí ẹnu ọ̀nà ìbẹ̀rù. Ẹ tún wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Bàbá, tó sì fi ìpinnu ọjọ́ sí wọn lọ́wọ́. Gbogbo ìdílé ló rí i kà pé Bàbá ti mọ̀, Bàbá ti gbà. Ipò tí ímeèlì yẹn gbà lọ́wọ́ wọn, àtẹ̀ránṣẹ́ yìí dá a padà, láì sọ pé òun ń dá a padà. Kò sì sí ọ̀rọ̀ iye tí yóò lé sí owó ilé níbẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni.

Ìbéèrè ìparí yẹn ló mú èsì tí ẹnikẹ́ni kò retí wá. Àbúrò tó wà l'Ékòó fèsì pé, "Akitẹ́kì, mo ti wà n'Íbàdàn láti aago mẹ́rin. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Akóbọ̀ ni mo wà." Ó sá fún sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ òwúrọ̀ ni, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀gá ni pé kó pè é sí ọ́fíìsì láàárọ̀, kí wọ́n jọ wo ohun tó wà nílẹ̀, kí ìrìn rẹ̀ má baà já sí asán. Ewu ńlá ni. Ilẹ̀ ìdílé ni. Bí akitẹ́kì bá jókòó pẹ̀lú ọ̀kan nínú ọmọ ìyá mẹ́ta lẹ́yìn tó ti sọ fún àwọn méjì tó kù pé kò sí ìpàdé, ohunkóhun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ yóò di ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ní kó padà sí Èkó ní ọwọ́ òfo náà kò dára. Ọ̀gá tún pe Bàbá lẹ́ẹ̀kan sí i lálẹ́ ọjọ́ náà láti tọrọ àyè: ṣé kí injiníà mú un lọ wo ilẹ̀ nìkan, láì sí àwòrán, láì sí ọ̀rọ̀ owó? Bàbá ní, "Ẹ mú un lọ. Ohun tí ẹ bá fi hàn án, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, injiníà bá a pàdé lórí ilẹ̀ náà, ó sì mú bàtà òjò kan dání fún un. Ó mú irin rọ́ọ̀dù kan. Ní igun tó le, ó fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, irin náà kò wọlé ju ìwọ̀n ìka lọ. Wọ́n wá lọ sí kòtò igun kẹrin. Ó gbé irin náà lé obìnrin náà lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ ti í sísàlẹ̀, mà." Ọwọ́ kan ló fi tì í, irin náà sì wọ amọ̀ lọ bí ọ̀bẹ tó wọ ẹ̀kọ. Ó fi fóònù ya fídíò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì gbé e sí Wáàsáàpù ìdílé pẹ̀lú ohùn ara rẹ̀: "Ẹ wo ibi tí wọn ì bá kọ́lé wa sí." Kò sí àtẹ̀ránṣẹ́ ọ́fíìsì tó lè ṣe iṣẹ́ tí fídíò yẹn ṣe. Láti ìgbà yẹn, nínú ìdílé náà, ọ̀rọ̀ kúrò ní pé àwọn akitẹ́kì yẹ àdéhùn, ó di pé wọ́n tètè rí i. Nọ́ọ̀sì tó bèèrè bóyá wọ́n fẹ́ sá ló kọ́kọ́ kọ pé kí Ọlọ́run bù kún wọn.

Ohun kan ṣì fẹ́ ba ọjọ́ tuntun náà jẹ́, ó sì kéré débi pé ènìyàn lè má kíyè sí i. Gbogbo wọn ti gbà sí Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá, bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ 24 tó yẹ̀ yẹn, aago mẹ́wàá ilé ni aago mẹ́wàá Lọ́ńdọ̀nù, torí wọ́n ṣì wà lórí aago ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Ọ̀wàrà ni wọ́n máa ń dá aago wọn padà sẹ́yìn ní wákàtí kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 27 ló sì bọ́ sí lọ́dún náà. Àwa kì í yí aago ní Nàìjíríà. Nítorí náà, ní Ìṣẹ́gun 29, nígbà tí aago mẹ́wàá bá lù ní Ìjẹ̀bú-Òde, mẹ́sàn-án ni yóò jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, nọ́ọ̀sì yóò sì ṣì wà nínú bọ́ọ̀sì, tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ alẹ́. Akọ̀wé náà ló rí i, bó ṣe ń kọ ìkésíni tuntun. Ó kọ̀wé sí nọ́ọ̀sì pé, "Aago mẹ́wàá tiyín ni aago mọ́kànlá tiwa báyìí, mà. Ṣé ká fi sí mọ́kànlá ilé?" Wọ́n fi sí mọ́kànlá. Bí ìkésíni bá ti inú kàlẹ́ńdà lọ, ẹ̀rọ máa ń ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀. Ibi tí ewu wà ni àdéhùn tí a fi ẹnu tàbí Wáàsáàpù ṣe, tí oníkálukú ń ka aago tirẹ̀.

Ní Ìṣẹ́gun, ọ̀gá àti injiníà dé ilé Bàbá kí aago tó lu mọ́kànlá. Fóònù akitẹ́kì ni wọ́n fi gbé nọ́ọ̀sì wá sórí Súùmù, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé náà kò lágbára. Wọ́n gbé ọ̀nà méjì kalẹ̀, pẹ̀lú iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan: ráàfútì, tàbí kí wọ́n fa ilé náà sẹ́yìn kí wọ́n sì pàdánù ààyè ọkọ̀ méjì. Kò sí ẹni tó fọwọ́ sí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rò ó, wọ́n sì rò ó fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó mú ọ̀nà kejì. Owó àkọ́kọ́ wọlé ní oṣù Bélú. Bàbá ti rí dókítà ojú ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, torí ilé ìwòsàn ṣì ní àyè fún wọn. Nínú gbogbo ohun tí ọ́fíìsì ṣe, èyí tí wọ́n mẹ́nu bà níwájú mi nígbà tí mo rí wọn lẹ́yìn náà ni pé akitẹ́kì náà bèèrè ojú àwọn.

Fún àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ètò tí nǹkan fi tẹ̀ léra ló gba ìrònú jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, pé ìpàdé kò ní wáyé: nígbà tí ímeèlì kọ́kọ́ gbé e dé, ó di ìwọ̀sí; nígbà tí ohùn ènìyàn gbé e, wọ́n gbà á. Bí ẹni tó yẹ ká kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ kò bá gbé fóònù, ká wá ọ̀nà mìíràn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí á tó fọwọ́ kan ohunkóhun tí ẹlòmíràn lè rí. Ọ́fíìsì náà ní nọ́ńbà ìyàwó Bàbá, kò sì sí ẹni tó rántí pè é. Bí kàlẹ́ńdà bá sì kàn, ó sàn kí á gbé ìpàdé náà lọ sí ọjọ́ tuntun ju kí á pa á rẹ́ lọ, torí ohun tí oníbàárà yóò rí nígbà náà ni ìpàdé tó ṣì wà, tí ọjọ́ rẹ̀ kàn yí. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ọjọ́ tuntun gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ kí á tó fọwọ́ kan kàlẹ́ńdà.

Ohun tó kù tí ọ̀gá àti akọ̀wé kò tíì fẹnu kò lé lórí ni bí a ṣe lè sọ ìdí fún oníbàárà. Ọ̀gá gbà pé a gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí nígbà gbogbo. Akọ̀wé ní ìyẹn dára nígbà tí ìdí náà bá jẹ́ fún àǹfààní oníbàárà, bíi ti ilẹ̀ tó rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ oníbàárà mìíràn ló gba ọjọ́ náà mọ́ wa lọ́wọ́, òtítọ́ gbọọrọ bẹ́ẹ̀ yóò dun ẹni tó gbọ́ ọ. Akọ̀wé ni mo gbè. Kì í ṣe pé kí á parọ́, ṣùgbọ́n "àṣìṣe wà nínú ètò ọjọ́ wa, ti wa ni" tó fún irú ìyẹn, kò sì pọn dandan kí oníbàárà mọ ẹni tí a fi ṣáájú rẹ̀.

Ní báyìí, ọ́fíìsì náà kì í fi ìdí ìpàdé ìfọwọ́síwèé múlẹ̀ mọ́ àfi bí àbájáde gbogbo àyẹ̀wò bá ti wà nílẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ méjì ṣáájú. Akọ̀wé sì máa ń kọ nǹkan mẹ́ta sí abẹ́ ìpàdé kọ̀ọ̀kan nínú ìwé tirẹ̀: ẹni tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè bí nǹkan bá yí, nọ́ńbà ẹnìkejì tó wà nítòsí ẹni náà, àti ibi tí oníkálukú yóò ti gbéra pẹ̀lú aago tí yóò gbéra.